Lẹ́tà Tí Salome Kọ Nípa Iye

Kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, mo kọ́kọ́ lọ bá Salome fúnra rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n yí orúkọ padà, kí n má sì bu iyọ̀ sí i. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nìyí.

Obìnrin tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni Salome. Púpurú ló ń ṣe tà ní Erinje. Á bó ẹ̀gẹ́, á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí tí yóò fi rọ̀, á yọ okùn inú rẹ̀ kúrò, á fún omi rẹ̀ dànù, á wá mọ ọ́n róbótó róbótó, á tò ó sórí iná kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́. Iṣẹ́ tí obìnrin mẹ́ta máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe ni, òun nìkan ló sì ń dá a ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Jùwọ́nlọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Kebbi. Ẹni méjì péré ló kù nínú ilé, òun àti Iye.

Aníwúrà ni orúkọ tí wọ́n sọ Iye, àbúrò bàbá Salome sì ni. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, iye là ń pe ìyá. Ìyá tó bí Salome kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Benedict ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì pé mẹ́wàá. Aníwúrà ló kó àwọn méjèèjì mọ́ra. Ẹja gbígbẹ ló ń rà ní Ìgbókòdà tó ń gbé wá sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni Salome wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi dàgbà tó ọmọ iléèwé. Iye kò bímọ tirẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹta, ní ìjọ Aládùúrà tí àwọn méjèèjì ń lọ, àkókò ìjẹ́rìí tó. Iye dìde pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, ó di àga iwájú rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ Salome. Láti ìjẹta ni kò ti fún mi ní oúnjẹ. Ẹ bá mi bi í, kí ni mo fi ṣe é?"

Gbogbo ilé ìjọsìn kọjú sí Salome. Salome ní ó dà bíi pé ẹnì kan da omi tútù sí òun lára. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó ro púpurú, ó sì fi ọbẹ̀ ẹja síwájú Iye. Iye jẹ ẹ́, ó lá ìka, ó súre fún un. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún níbẹ̀? Ẹni tó bá dìde láti sọ pé òun kò febi pa ìyá òun ti jẹ̀bi kó tó jókòó.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin tó máa ń bá a rìn dé ìkóríta gba ọ̀nà mìíràn. Màmá Leah, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Salome, ìyá kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré o."

"Màmá, ẹ wá wo ìkòkò mi."

"Kì í ṣe ìkòkò ni mo ń wí. Ohun tí ìyá yín ń sọ kiri kò dára. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀."

Ó wá ka ohun tí Iye sọ ní ilé lágbájá fún un, àti èyí tó sọ ní ẹ̀yìn ilé tàmẹ̀dò. Salome gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó gbé e délé bí ẹni gbé igi tútù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ ibi tó ń yan púpurú, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí Benedict. Èdè Ìkálẹ̀ ló ń sọ, nítorí bí inú bá ń bí i, Yorùbá iléèwé kì í wá sí i lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní Iye ti di ọ̀tá òun. Ó ní ó fẹ́ lé òun jáde nínú ilé bàbá àwọn ni. Ó sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ohun tí Màmá Leah sọ, ó sọ ohun tí Màmá Leah ní ẹlòmíràn sọ. Ó sọ pé Iye ń tọ̀ sórí ẹní. Ó tún lọ hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde, ìdí tí Iye fi kúrò nílé ọkọ láyé ọjọ́un, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fi ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ fún nǹkan bí wákàtí kan.

Benedict ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Wàrì. Ọ̀gá ni fún àwọn bíi mẹ́wàá níbẹ̀. Kì í pẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó pè.

"Salome, mo gbọ́ ọ dé ìdajì. Rẹ̀mílẹ́kún wọlé, mo sì pa á. N kò fẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ ohun tí ò ń sọ nípa Iye."

"Ẹ̀yin náà ti wà lẹ́yìn wọn nìyẹn."

"N kò wà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ṣé ẹjọ́ Iye lò ń rò fún mi ni, àbí ìmọ̀ràn lò ń wá?"

Salome gbé fóònù sí etí kejì.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Benedict tún béèrè. "Sọ ọ́. Ṣé kí n wá ni? Ṣé kí n pè wọ́n ni? Ṣé kí n wá mú wọn lọ ni?"

"N kò mọ̀."

"Ìwọ tí o wà níbẹ̀ kò mọ̀, báwo lèmi tí mo wà ní Wàrì ṣe máa mọ̀? Bí ẹnì kan bá farapa níbi iṣẹ́ wa, wọ́n á ní kí n kọ ìwé nípa rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni à ń kọ, ọjọ́ wo, àwọn wo ló wà níbẹ̀, kí ni a ti ṣe. A kì í kọ pé lágbájá ya ọ̀lẹ. A kì í kọ pé wọ́n ní. Kọ ti Iye sílẹ̀ fún mi báyẹn. Kọ ọ́ bíi pé tó bá bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí Iye alára sì ní kí ẹnì kan kà á sí òun létí, ojú kò ní tì ọ́. Èyí tí o sọ sínú fóònù, mo ti pa á rẹ́ níhìn-ín. Pa tìrẹ náà rẹ́."

Ó dágbére, ó padà sídìí iṣẹ́.

Salome ní ọjọ́ náà ni òun mọ̀ pé òun kò ní ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù kò gbọ́ òun tán, ó tún ń kọ́ òun ní ìwé kíkọ. Ó jókòó ti ẹ̀gẹ́ tó rẹ sínú omi, kò sì lè yọ okùn rẹ̀. Ó fẹ́ pe Jùwọ́nlọ́lá, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó sì pa á kó tó dún. Kí ni ọmọ tó wà ní Kebbi fẹ́ ṣe sí i ju kó máa sunkún lọ? Ẹ̀yìn Iye ni ọmọ náà sì dàgbà sí.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ra ìwé àjákọ kan, ó sì jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ ojú ewé mẹ́rin. Nígbà tó ka ohun tó kọ, ó rí i pé ọ̀rọ̀ fóònù náà ni, àfi pé ó ti wọ aṣọ Yorùbá ìwé. "Iye ò fẹ́ràn mi mọ́." Báwo ló ṣe mọ̀? "Wọ́n fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́." Ṣé Iye ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? "Màmá Leah ní wọ́n ní mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn." Kò sí níbẹ̀. Ó mú bírò, ó sì ń fa ìlà sí wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ń bí i bó ṣe ń fà á, nítorí àwọn tó ń pa rẹ́ ló dùn ún jù lọ.

Ó dé orí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ Iye. Ó bi ara rẹ̀ pé bí Benedict bá mọ̀ ọ́n, ṣé yóò ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tí àwọn máa ṣe? Kò ní ràn án lọ́wọ́. Ó fa ìlà sí i méjì.

Ó wá dé orí ti ìtọ̀. Ó kọ́kọ́ pa ìyẹn náà rẹ́, nítorí ohun ìtìjú ni, àṣírí àgbà sì ni. Ó dìde, ó yí púpurú tó wà lórí iná padà, ó tún padà wá jókòó. Ó ronú pé bí òun bá fi èyí pamọ́, tí Benedict sì ní kí Iye wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Bí àìsàn bá wà nídìí rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dámọ̀ràn kò lè ṣe é láìmọ̀ ọ́n. Ó tún un kọ, ìlà kan péré, láìfi ẹ̀gàn sí i.

Ó wá ku ọjọ́. Salome kì í ka ọjọ́ nínú oṣù, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tó kó púpurú lọ sí Òde-Ìrèlè, ó mọ ọjọ́ tí ìjọ ṣe ìkórè, ó mọ ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ó fi ìyẹn to àwọn nǹkan tẹ̀lé ara wọn. Ṣáájú ìkórè, Iye bu iyọ̀ sínú omi tíì. Lẹ́yìn ìkórè, ó ní kí Salome lọ pe bàbá rẹ̀ wá jẹun, bàbá tó ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn. Salome rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì kanra mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ òjò, Iye di ẹrù sórí, ó lọ dúró lójú títì láti wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Ìgbókòdà. Ọkọ̀ náà kò sí mọ́ láti ìgbà tí Jùwọ́nlọ́lá wà lọ́mọ ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti orí ẹní. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wo ìwé náà. Gbogbo ohun tó pè ní ọ̀tá ti kúrò nínú rẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù kò sì jọ ìwà ọ̀tá rárá.

Ó rántí pé láti ọjọ́ Ìsinmi náà, òun kò tíì bi Iye fúnra rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Ó kàn ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ ni, á sì yí ẹ̀yìn padà. Ó wọlé. Iye jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwo oúnjẹ ọ̀sán wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ju ìdajì wákàtí lọ tó jẹ ẹ́ tán, epo ọbẹ̀ ṣì wà ní ìka rẹ̀.

"Iye, ṣé ẹ ti jẹun?"

Obìnrin arúgbó náà gbé ojú sókè. "Oúnjẹ wo? N kò rí oúnjẹ láti ìjẹta."

"Àwo tó wà lẹ́sẹ̀ yín yìí ńkọ́?"

Iye wo àwo náà, ó wò ó pẹ́. "Ta ló jẹun síbí?" ó ní.

Salome sọ fún mi pé òun wo ojú rẹ̀ dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ìka Iye. Nígbà tí òun rò pé Iye ń bá òun jà, ó kéré tán, ẹni méjì ló wà nínú ilé. Ní ọ̀sán yẹn, ó dà bíi pé òun nìkan ló kù.

Ó padà sábẹ́ igi, ó sì kọ lẹ́tà náà. Ó jẹ́ kí n dà á kọ.

"Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lọ́dọ̀ yín nípa Iye. Ẹ má fi ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ṣe.

Ohun tí mo fi ojú mi rí nìyí. Ṣáájú ìkórè, wọ́n bu iyọ̀ sínú tíì. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí n pe Bàbá wá jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ dúró de ọkọ̀ Ìgbókòdà, ẹni tó mọ̀ wọ́n ló mú wọn padà wá. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìtọ̀ ń yọ lára wọn nígbà mìíràn kí wọ́n tó dìde. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sọ níwájú ìjọ pé n kò fún wọn lóúnjẹ. Mo ti fún wọn láàárọ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́. Lónìí mo bi wọ́n léèrè lẹ́yìn oúnjẹ, wọn kò mọ̀ pé àwọn jẹun. Mo gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀, n kò sì ní kọ ọ́.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mo kanra mọ́ wọn nígbà tí wọ́n béèrè Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò bá wọn sọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó jẹ́.

Wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn wẹ̀. Wọ́n ń kọrin ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn náà.

Ohun méjì ni mo ń béèrè. Ṣé kí n mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa ní ọ̀sẹ̀ yìí, àbí kí n dúró dè yín? Èkejì, bí wọ́n bá bi mí ní ìjọ, kí ni mo lè sọ tí n kò ní tú àṣírí wọn?

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà Jùwọ́nlọ́lá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e sí ojú òpó ẹbí lórí fóònù. Bí ẹ bá rí i pé ó yẹ kí ìyàwó yín mọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi.

Èmi àbúrò yín,
Salome."

Kò fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́, nítorí ohun tó bá ti wọ fóònù, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ká a mọ́. Ó fi í sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí gáréèjì Òkìtìpupa, ó sì fi rán dírẹ́bà kan tó ń lọ Wàrì. Benedict yóò gbà á ní gáréèjì níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró. Ní ọjọ́ kejì, Màmá Leah wá. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún Iye, ó jókòó, ó wo inú ilé yí ká.

"Àwa obìnrin ní kí n wá mọ bí nǹkan ṣe rí. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, Salome? Sọ fún mi, inú mi ni yóò kú sí."

Ẹnu ń yún Salome láti sọ ọ́. Ó ní bí ènìyàn bá ti gbé odindi ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè á jọ olùgbàlà. Àlàyé kan péré, gbogbo ìjọ á mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi dá ara rẹ̀ láre ni pé orí Iye kò pé mọ́. Iye sì wà nínú yàrá, ó ń kọrin.

"Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, Màmá. A máa jọ wò ó. Ẹ ṣáà máa rántí àwa méjèèjì nínú àdúrà."

"Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ wà tí kò ṣeé gbọ́."

"Ẹ má bínú, Màmá."

Màmá Leah gbé àpò rẹ̀. Kò fi ìbínú hàn, ṣùgbọ́n kò ní kí Salome sin òun dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àga méjì ló ṣófo ní ọ̀tún Salome, ọ̀kan ló ṣófo ní òsì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Benedict pè. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Mo rí lẹ́tà rẹ gbà ní Ọjọ́bọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó yẹ kí n ti pè ọ́ nígbà náà, ojú ló ń tì mí. Ìdí wà."

"Kí ló dé?"

"Láti oṣù Kejìlá ni Iye ti ń pè mí. Wọ́n á ní kí n gbé fóònù fún Bàbá. Ìgbà kan, wọ́n pè mí ní orúkọ Bàbá. Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá sọ fún ọ, yóò di òfófó, ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Mo wá pa á mọ́ra. Bí mo bá ti sọ ọ́ ni, o kì bá tí rò pé ọ̀tá rẹ ni wọ́n."

Salome ní òun kò mọ èyí tí òun yóò ṣe, bóyá kí òun bínú ni àbí kí òun sunkún. Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n òun fi mú ìdajì ọ̀rọ̀ dání, òun náà mú ìdajì dání, Iye sì ń rì lọ láàárín àwọn.

"Bọ̀dá, a kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbọ́, má mú wọn lọ ní ìwọ nìkan. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, mo ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Mú ìwé tí o to nǹkan sí dání, dókítà á béèrè. Ní ti ìjọ, ẹni kan ló yẹ kó mọ̀, ìyẹn wòlíì, kó má bàa fún Iye láyè láti jẹ́rìí mọ́ láìmọ̀. Kò yẹ kí àwọn tó kù mọ̀. Ní ti Rẹ̀mílẹ́kún, mo ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Mo fẹ́ sọ fún un, nítorí a ó máa ti ibí wá ràn ọ́ lọ́wọ́. Ti ìtọ̀ yẹn, n kò ní sọ."

"Ẹ sọ ọ́ fún un. Bí ó bá wá, òun náà á bá mi fọ aṣọ."

Benedict dé ní Ọjọ́rú bó ṣe wí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan ló rí wọn. Ó kọ́kọ́ bá Iye fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí a wà, ibi tó jókòó sí. Iye mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní Ìgbókòdà ni àwọn wà. Nígbà tí dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, Salome nawọ́ ìwé àjákọ náà sí i. Dókítà kà á, ó ní, "Ta ló kọ èyí? Ó ràn mí lọ́wọ́." Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ Iye fún àyẹ̀wò, nítorí àwọn àìsàn kan wà tó lè da ìrántí àgbà rú, tí ìwòsàn wọn kò sì le.

Wọ́n rí kòkòrò nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn, ìtọ̀ orí ẹní sì dín kù. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé kò lọ. Dókítà ṣàlàyé pé ọpọlọ Iye ló ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí oògùn tí yóò dá a padà, pé kí wọ́n má máa bá a jiyàn. Bó bá ní òun kò jẹun, kí wọ́n fún un ní ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, kí wọ́n bá a jẹ ẹ́.

Kí Benedict tó lọ, òun àti Salome lọ rí wòlíì. Wòlíì gbọ́ wọn, kò bi wọ́n ju ohun tí wọ́n sọ lọ. Láti ìgbà náà, bí Iye bá dìde ní àkókò ìjẹ́rìí, wòlíì á rọra dá orin sílẹ̀, Iye á sì bá wọn gbé e. Àwọn obìnrin kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Salome mọ́. Ọ̀kan lára wọn ti padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá Leah ń kí i láti òkèèrè. Àwọn kan ṣì gbà pé ó ń febi pa ìyá rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i láìtú Iye sí ìhòòhò.

Benedict padà sí Wàrì lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣí ní gáréèjì, Salome dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn tó ń pe èrò Òrè àti Benin, ó wá padà sílé. Iye bi í pé ta nìyẹn.

"Èmi ni, Iye. Salome ni."

"Salome kéré sí ọ," Iye ní. "Ó ṣì wà ní iléèwé."

Wọ́n ti gbà láàárín ara wọn pé Salome yóò máa kọ̀wé ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ohun tó rí nínú ọ̀sẹ̀ náà àti ohun tó ń béèrè, kí ó sì fi rán dírẹ́bà ní Ọjọ́ Ajé. Benedict náà ń kọ tirẹ̀ padà, ó ń sọ bí Iye bá pè é àti ohun tó wí. Rẹ̀mílẹ́kún máa ń fi ìlà méjì mẹ́ta sí ìsàlẹ̀.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí mo lọ bá a, kò sí ohun tuntun kankan láti kọ nípa Iye. Ó ti sùn dáadáa, kò jáde lọ sójú títì. Salome di bírò mú. Ó kọ ìlà díẹ̀, ó sì yí ìwé náà sí mi kí n kà á. "Bọ̀dá, Iye wà dáadáa. Lónìí, ti ara mi ni mo fẹ́ sọ. N kò béèrè ohunkóhun. Ilé yìí ti dákẹ́ jù fún mi."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ká ìwé náà sínú àpòòwé, ó sì dìde lọ wo ẹ̀gẹ́ tó rẹ sómi bóyá ó ti rọ̀.